Bí A Ṣe Ń Ka Àtẹ Ìran Nínú Ìbéèrè Jẹ̀nẹ́tíìkì: Wíwá Ẹlẹ́rìí Tí Yóò Sọ Ọ̀nà Ìjogún

Nínú ìbéèrè jẹ̀nẹ́tíìkì, wọ́n sábà máa ń ya ìdílé kan sórí ìwé, wọn a kun àwọn kan ní dúdú nínú ìdílé náà, wọn a sì béèrè pé ọ̀nà wo ni àìsàn tàbí àbùdá tí wọ́n kùn yẹn ń gbà ti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ nínú ìwé ìdáhùn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ a wo àwòrán náà lápapọ̀, a rí i pé ọkùnrin ló pọ̀ nínú àwọn tí a kùn, tàbí pé kò sí ìran tí dúdú kò sí, a sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí àwòrán ṣe rí lápapọ̀ lè tọ́ka sí ibi tó yẹ kí a yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kò tó láti fìdí ohunkóhun múlẹ̀. Ohun tó ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ni bàbá kan, ìyá kan àti ọmọ wọn kan, tí ohun tó hàn lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè bá ọ̀nà ìjogún kan mu rárá, bó ti wù kí a yí i. Irú ẹni mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè ní ẹlẹ́rìí nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Iṣẹ́ wa ni láti wá wọn rí, kí a fi ẹ̀rí wọn wọ́gi lé àwọn ọ̀nà tí kò ṣeé ṣe, kí a sì wo èyí tó kù.

Àwọn àmì, àti ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa kúrómósómù

Àmì onígun mẹ́rin dúró fún ọkùnrin, òbìrìkìtì dúró fún obìnrin. Ẹni tí a kùn ní dúdú ni àbùdá náà hàn lára rẹ̀; òun ni mo máa pè ní ẹni dúdú, ẹni tí a kò kùn sì ni ẹni funfun, kì í ṣe ti àwọ̀ ara. Ìlà tó so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ fi hàn pé wọ́n jọ bímọ, ìlà tó sì já wálẹ̀ láti àárín rẹ̀ ló gbé àwọn ọmọ wọn. Bí ìlà tó so wọ́n pọ̀ bá jẹ́ méjì, ìbátan ni tọkọtaya náà. Nọ́ńbà Róòmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ni ti ìran, nọ́ńbà kékeré tó wà lábẹ́ àmì ni ti ẹni kọ̀ọ̀kan, nítorí náà II-3 ni ẹni kẹta láti ọwọ́ òsì nínú ìran kejì. Àwọn àtẹ kan máa ń kun ìdajì àmì, tàbí kí wọ́n fi tóótó dúdú sí àárín rẹ̀, fún ẹni tó ru jíìnì náà lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ó hàn lára rẹ̀. Àtẹ tó pọ̀ jù nínú ìdánwò kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ẹni tí a kò kùn kò ní jíìnì náà lára. Ohun tí àmì funfun sọ kò ju pé àbùdá náà kò hàn.

Ènìyàn ní oríṣi kúrómósómù 23 ní méjì-méjì. Oríṣi 22 nínú wọn rí bákan náà lára ọkùnrin àti obìnrin, àwọn ni mo máa pè ní kúrómósómù àjọní. Oríṣi kan tó kù ló ń ya akọ yàtọ̀ sí abo: obìnrin ní X méjì, ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Láti inú èyí ni gbólóhùn tí gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé ti jáde: bàbá a máa fún gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ní X kan ṣoṣo tó ní, kì í sì í fún ọmọkùnrin rẹ̀ kankan ní X náà, nítorí pé Y ló ń fún un. X tí ọmọkùnrin ní, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti wá.

Jíìnì lè jẹ́ aborí, èyí tí ẹ̀dà kan ṣoṣo rẹ̀ ti tó láti mú kí àbùdá hàn, ó sì lè jẹ́ afarapamọ́, èyí tí ẹ̀dà méjì gbọ́dọ̀ pé kó tó hàn, àyàfi bó bá wà lórí X ọkùnrin, tí kò ní X mìíràn tó lè bò ó mọ́lẹ̀. Ó tún lè wà lórí kúrómósómù àjọní tàbí lórí X. Ọ̀nà mẹ́rin ni èyí fún wa, àwọn mẹ́rin yìí ló sì pọ̀ jù nínú ìbéèrè. Ẹ kọ wọ́n sí etí ìwé yín kí ẹ tó wo àtẹ náà rárá: àjọní aborí, àjọní afarapamọ́, X aborí, X afarapamọ́. Bí ẹ ti ń rí ẹlẹ́rìí ni ẹ óò máa fa igi lé wọn lórí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: aborí ni, àbí afarapamọ́?

Ẹ wá tọkọtaya tí a kò kun ẹnikẹ́ni nínú wọn, ṣùgbọ́n tí a kun ọmọ wọn. Bí ẹ bá rí irú wọn kan ṣoṣo, afarapamọ́ ni jíìnì náà. Ìdí rẹ̀ ni pé ká ní aborí ni, ó kéré tán ọmọ náà ti gba ẹ̀dà kan lọ́wọ́ òbí kan, òbí náà ì bá sì ti fi í hàn. Níwọ̀n ìgbà tí kò hàn lára òbí kankan, inú wọn ni jíìnì náà ti fara pamọ́ kó tó pàdé ara rẹ̀ lára ọmọ.

Bí ẹ kò bá rí irú wọn, ẹ wá òdìkejì wọn: tọkọtaya tí a kun àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n tí a kò kun ọmọ wọn kan. Aborí ni jíìnì náà nígbà yẹn. Ká ní afarapamọ́ ni, kì í ṣe ohun mìíràn ni òbí méjèèjì ì bá ní láti fún ọmọ, kò sì sí bí ọmọ kankan ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí n kò sọ. N kò sọ pé kí ẹ ka iye àwọn tí a kùn. N kò sì sọ pé kí ẹ wo tọkọtaya tí a kun ẹnì kan nínú wọn tí a kò kun èkejì, nítorí pé ní ìgbésẹ̀ yìí, irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Ọmọ tó bá wù kí wọ́n bí, ó lè bá aborí mu, ó sì lè bá afarapamọ́ mu. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìdajì ojú ìwé ṣàlàyé irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹlẹ́rìí gidi jókòó sí igun ọ̀tún ìsàlẹ̀ àtẹ kan náà tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè.

Ìgbésẹ̀ kejì: orí X ni, àbí orí kúrómósómù àjọní?

Ohun tí ìgbésẹ̀ kìíní bá sọ ni yóò sọ ẹni tí ẹ óò wá báyìí.

Bí ó bá jẹ́ afarapamọ́, obìnrin tí a kùn ni ẹ óò wá. Ẹ gbé ojú sókè sí bàbá rẹ̀, kí ẹ sì gbé e wálẹ̀ sí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Ká ní orí X ni jíìnì náà wà, ẹ̀dà méjì ló wà lára obìnrin yìí, ọ̀kan nínú wọn sì ti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ wá. Bàbá kò ní X mìíràn tó lè bo èyí mọ́lẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ hàn lára rẹ̀. Gbogbo ọmọkùnrin obìnrin náà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú, nítorí pé kò ní X tó dára tó lè fún wọn. Bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ funfun, tàbí tí ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo bá jẹ́ funfun, ẹ wọ́gi lé X; àjọní afarapamọ́ ló kù.

Bí ó bá jẹ́ aborí, ọkùnrin tí a kùn ni ẹ óò wá. Ẹ gbé ojú sókè sí ìyá rẹ̀, kí ẹ sì gbé e wálẹ̀ sí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé orí X ni, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á, ìyá náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú. Gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ló sì ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá funfun kan, tàbí ọmọbìnrin funfun kan, ti tó láti wọ́gi lé X.

Ìgbésẹ̀ kejì kò jù báyìí lọ. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà níbí tó wọ́pọ̀ débi pé mo fẹ́ dúró lé e lórí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti kọ́ ọ sórí pé bí bàbá dúdú bá bí ọmọkùnrin dúdú, kì í ṣe ti X. Òótọ́ ni pé bàbá kì í fún ọmọkùnrin ní X, ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé ọmọkùnrin náà kò lè rí ti ara rẹ̀ gbà níbòmíràn. Bí jíìnì náà bá jẹ́ afarapamọ́, ìyá funfun lè ru ẹ̀dà kan lábẹ́lẹ̀, ọmọkùnrin náà a sì gbà á lọ́dọ̀ ìyá, nígbà tí bàbá tó jọ ọ́ kò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Inú ọ̀ràn aborí nìkan ni bàbá dúdú, ìyá funfun àti ọmọkùnrin dúdú ti jẹ́ ẹlẹ́rìí tòótọ́ lòdì sí X, nítorí pé níbẹ̀ ìyá funfun kò ní ohunkóhun láti fún un. Ìdí nìyí tí ìgbésẹ̀ kìíní fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ìkejì: ẹ̀rí kan náà máa ń yí ìtumọ̀ padà gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ti mọ̀ ṣáájú.

Ìdílé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù, kí ẹ ya ìdílé yìí. Nínú ìran kìíní, I-1 jẹ́ ọkùnrin dúdú, ìyàwó rẹ̀ I-2 sì jẹ́ funfun. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta, tí a kò kun ọ̀kankan nínú wọn: II-2 jẹ́ obìnrin, II-3 jẹ́ ọkùnrin, II-4 jẹ́ obìnrin. II-2 fẹ́ II-1, ọkùnrin funfun tó ti ìdílé mìíràn wá, wọ́n sì bí III-1, ọmọkùnrin dúdú. III-2, ọmọbìnrin funfun. Àti III-3, ọmọkùnrin dúdú. II-4 náà fẹ́ II-5, ọkùnrin funfun láti ìdílé mìíràn, wọ́n sì bí III-4, ọmọkùnrin dúdú. III-5, ọmọbìnrin funfun. Àti III-6, ọmọkùnrin funfun. Ìbéèrè náà fi kún un pé àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn tí ìdílé náà ti wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní kò gba àkókò. II-1 àti II-2 jẹ́ funfun, ọmọ wọn III-1 jẹ́ dúdú, nítorí náà afarapamọ́ ni. Ẹ fa igi lé aborí méjèèjì. Kò sí ìdí láti tún wá ẹlẹ́rìí kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé II-4, II-5 àti III-4 ń sọ ohun kan náà.

Ní ìgbésẹ̀ kejì, a ń wá obìnrin dúdú, a kò sì rí ẹyọ kan. Àwọn mẹ́rin tí a kùn, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ibí gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń kọ ọ́ pé ti X ni nítorí pé ọkùnrin nìkan ló ní in, a sì gba ìdajì máàkì. Ìdáhùn náà lè tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó mú wá kò gbé e dúró. Ẹ jẹ́ kí a dán àjọní afarapamọ́ wò dáadáa kí a tó lé e lọ. Bí ó bá jẹ́ òun ni, I-1 ní ẹ̀dà méjì, `aa`, níbi tí `a` ti jẹ́ ẹ̀dà tó ń fa àìsàn, tí `A` sì jẹ́ èyí tó dára, gbogbo ọmọ rẹ̀ sì gba `a` kan lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà II-2 àti II-4 jẹ́ `Aa` láìsí àníàní. Kí III-1 àti III-3 tó lè jẹ́ `aa`, II-1 gbọ́dọ̀ jẹ́ `Aa` pẹ̀lú. Kí III-4 tó lè jẹ́ `aa`, II-5 náà gbọ́dọ̀ jẹ́ `Aa`. Kò sí ohun tó ta ko èyí nínú àtẹ. Ó lè ṣẹlẹ̀.

Ohun kan wà níhìn-ín tí ìwé ẹ̀kọ́ kì í sábà là yé ni, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Àtẹ yòówù tó bá bá X afarapamọ́ mu, yóò bá àjọní afarapamọ́ mu pẹ̀lú, bí a bá ti gbà kí gbogbo ẹni funfun inú rẹ̀ máa ru ẹ̀dà kan lábẹ́lẹ̀. Bákan náà ni X aborí àti àjọní aborí ṣe rí. Èyí túmọ̀ sí pé àwòrán nìkan lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àjọní ni, nípa wíwọ́gi lé X, ṣùgbọ́n àwòrán nìkan kò lè fìdí X múlẹ̀ láé. Kí a tó lè sọ pé X ni, a nílò gbólóhùn kan tó wà lẹ́yìn àwòrán. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ tó yí àtẹ ká lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú ìdílé tiwa, gbólóhùn náà ni pé àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà sí i: ká sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ẹnì kan ló ru jíìnì náà lábẹ́lẹ̀. Kí àjọní afarapamọ́ tó lè jóòótọ́, ọkọ méjì tí wọ́n ti ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá gbọ́dọ̀ jẹ́ ara àwọn díẹ̀ yẹn, ìṣeéṣe rẹ̀ sì jẹ́ 1/100 lọ́nà 1/100, èyí tó jẹ́ 1/10,000. Bí ó bá jẹ́ X afarapamọ́ ńkọ́? Nígbà náà, II-2 àti II-4 ti gba X bàbá wọn, kò sí àfi, àwọn ọkọ wọn kò sì nílò láti ru ohunkóhun. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní ìdajì ìṣeéṣe láti gba X tó ní àìsàn, a sì rí mẹ́ta tó gbà á nínú mẹ́rin. II-3 funfun nítorí pé Y ni bàbá rẹ̀ fún un. Kò sí ohun tí a ní láti tọrọ lọ́wọ́ oríire. Ìdí tí a fi yan X afarapamọ́ nìyí: kì í ṣe pé ọkùnrin pọ̀, bí kò ṣe pé ọ̀nà kejì ń béèrè àlejò méjì tí wọ́n ṣọ̀wọ́n.

Àwọn olùbéèrè mìíràn kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ìṣeéṣe. Wọn a kọ ọ́ pé a yẹ ẹ̀jẹ̀ II-1 wò, a sì rí i pé kò ru jíìnì náà rárá. Gbólóhùn kékeré yẹn pa àjọní afarapamọ́ run pátápátá. III-1 kò rí ẹ̀dà kankan gbà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, síbẹ̀ ó ń ṣàìsàn, nítorí náà ẹ̀dà kan láti ọ̀dọ̀ ìyá ló tó fún un, orí X nìkan ni jíìnì afarapamọ́ sì ti lè ṣe èyí fún ọkùnrin.

Ẹ wá mú pẹ́ńsù yín, kí ẹ kun III-2 ní dúdú. Òbìrìkìtì kan péré ni a fi kún un. Ọkùnrin ṣì pọ̀ ju obìnrin lọ, mẹ́rin sí ẹyọ kan, àwòrán náà lápapọ̀ ṣì jọ ti X lójú ẹni tí kò bá fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá III-2 ni II-1, funfun sì ni. Bí orí X bá ni jíìnì náà wà, III-2 ti gba X kan lọ́wọ́ ọkùnrin tí X rẹ̀ dára, kò sì sí bí ó ṣe lè jẹ́ dúdú. X ti kú nìyẹn. Àjọní afarapamọ́ ni ìdáhùn báyìí, bí àìsàn náà tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, a ó sì gbà pé àwọn ọkọ méjèèjì ru jíìnì náà lábẹ́lẹ̀. Bí ìbéèrè bá tún sọ pé wọ́n jẹ́ ìbátan àwọn ìyàwó wọn, tàbí tí ẹ bá rí ìlà méjì láàárín wọn, ohun tó dà bí ìyanu tẹ́lẹ̀ ti ní àlàyé, nítorí pé àwọn ìbátan lè jọ jogún ẹ̀dà kan náà lọ́wọ́ baba ńlá kan.

Ìdílé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi irú àtẹ wa àkọ́kọ́ hàn nínú ìtàn. Lìópólídì, ọmọ Ọbabìnrin Fikitóríà, tí wọ́n bí ní 1853, ní hìmófílíà, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bó ṣe yẹ, X afarapamọ́ sì ni. Ọmọkùnrin rẹ̀ kò ní in. Ọmọbìnrin rẹ̀ Álíìsì kò fi í hàn, ṣùgbọ́n ó rù ú, ó sì dé ara Rúpátì, ọmọ Álíìsì, tó kú ní 1928. Láti ara bàbá ńlá, gba ara ọmọbìnrin, dé ara ọmọ ọmọ: ọ̀nà kan náà ni I-1, II-2 àti III-1 tọ̀.

Nígbà tí a kò bá rí ẹlẹ́rìí kankan

Àtẹ mìíràn wà tí ìgbésẹ̀ kìíní kò ní rí ohun tó dì mú nínú rẹ̀. Kò sí òbí funfun méjì tó bí ọmọ dúdú, kò sì sí òbí dúdú méjì tó bí ọmọ funfun. Ẹni dúdú kọ̀ọ̀kan ní òbí dúdú kan, ó fẹ́ ẹni funfun láti ìta, wọ́n sì bí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun. Ẹ lo ọgbọ́n kan náà tí a lò fún àwọn ọkọ méjì wa. Bí ìlà yìí bá gba ara àlejò funfun mẹ́ta kọjá, jíìnì afarapamọ́ ń béèrè pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rù ú lábẹ́lẹ̀. Ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 1/1,000,000 ni ìyẹn. Aborí kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Ẹ yan aborí, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ pé ìṣeéṣe ni ẹ fi yàn án, ẹ má pè é ní ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kejì, kí ẹ wá ọkùnrin dúdú tó ní ìyá funfun tàbí ọmọbìnrin funfun.

Ní ti ọ̀nà méjì tó kù lẹ́yìn mẹ́rin wa, kíákíá ni a lè yanjú wọn. Bí jíìnì bá wà lórí Y, gbogbo ọmọkùnrin ọkùnrin dúdú gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú. II-3 wa ti lé èyí lọ. Bí ó bá wà nínú mitokọ́ńdíríà, tí ọmọ ń gbà lọ́dọ̀ ìyá nìkan, ìdánwò máa ń gbà pé gbogbo ọmọ ìyá dúdú ni yóò jẹ́ dúdú, bàbá dúdú kò sì ní fún ọmọ kankan.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn kí ẹ tó kọ ìdáhùn: ẹ kọ jíìnì sí abẹ́ ẹni kọ̀ọ̀kan

Ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ yìí, nítorí pé òun ló ń jẹ́ kí a rí àṣìṣe kíkà. Ẹ gba ọ̀nà tí ẹ yàn gbọ́, kí ẹ sì kọ jíìnì sí abẹ́ gbogbo àmì. Nínú àtẹ wa àkọ́kọ́, I-1 yóò jẹ́ `XᵃY`, II-2 àti II-4 yóò jẹ́ `XᴬXᵃ`, II-1, II-3 àti II-5 yóò jẹ́ `XᴬY`, àwọn ọmọkùnrin dúdú yóò jẹ́ `XᵃY`, III-6 yóò sì jẹ́ `XᴬY`. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn tí kò ní ju ọ̀nà kan lọ, ìyẹn àwọn ọkùnrin, kí ẹ tó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin funfun. Fún I-2, III-2 àti III-5, ẹ óò rí i pé a kò lè mọ̀ bóyá `XᴬXᴬ` ni wọ́n tàbí `XᴬXᵃ`. Ẹ kọ `XᴬX?`, kí ẹ sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí kò sí jíìnì tí ẹ lè kọ sí abẹ́ rẹ̀ láìta ko òbí rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀, ọ̀nà tí ẹ yàn kò tọ̀nà, tàbí kí ó jẹ́ pé ẹ ti ka onígun mẹ́rin kan sí òbìrìkìtì.

Ìbéèrè tó sábà ń tẹ̀ lé e ni ti ìṣeéṣe, inú jíìnì tí ẹ kọ yìí náà ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Ìdajì ni ìṣeéṣe pé III-2 ru jíìnì náà. Bí ó bá fẹ́ ọkùnrin funfun, ìṣeéṣe pé ọmọkùnrin rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò ní àìsàn náà jẹ́ 1/4, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá béèrè nípa ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ láìsọ pé ọkùnrin ni, 1/8 ni, nítorí pé ó kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má gbé ìdajì yìí lọ sínú ọ̀ràn àjọní. Níbẹ̀, ẹni funfun tó jẹ́ ọmọ ìyá ẹni dúdú, tí òbí méjèèjì sì jẹ́ `Aa`, ní ìṣeéṣe 2/3 láti ru jíìnì náà: a ti mọ̀ pé kì í ṣe `aa`, nínú ọ̀nà mẹ́ta tó kù nínú mẹ́rin tí ọmọ lè gbà jogún, méjì sì jẹ́ `Aa`.

Ibi tí ìlànà yìí dé

Gbogbo ohun tí mo ti sọ gbà pé ẹni tó ní jíìnì tó yẹ kó hàn, yóò fi í hàn, àti pé jíìnì kì í yí padà lójijì. Ìbéèrè ìdánwò máa ń gbà bẹ́ẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá sọ ohun mìíràn. Lára ènìyàn gidi, kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Irú àràrá kan wà tí jíìnì aborí `FGFR3` ń fà, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn tó ní in ni òbí wọn kò ní in, nítorí pé ìyípadà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ ni. Ẹni tó bá fi ìgbésẹ̀ kìíní ka ìdílé wọn yóò pè é ní afarapamọ́. Àìsàn Họ́ńtíńtìn náà jẹ́ aborí, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń dúró di ìgbà tí ènìyàn bá wà láàárín ọdún 30 sí 50 kó tó hàn, nítorí náà ọ̀dọ́mọdé tí a kò kùn nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí ohunkóhun. Fòníkú-fọ̀ladìde wà ní òdìkejì: afarapamọ́ ni, ṣùgbọ́n níbi tí àwọn tó ru ẹ̀dà kan bá ti pọ̀, ẹni tó ní in lè fẹ́ ẹni tó rù ú lábẹ́lẹ̀, kí ó sì hàn nínú ìran méjì léraléra bí ẹni pé aborí ni. Níbẹ̀, ìṣirò àlejò tó ṣọ̀wọ́n kò wúlò mọ́, nítorí pé àlejò náà kò ṣọ̀wọ́n.

Bí ẹ bá wá ń kọ ìdáhùn sílẹ̀, ẹ dárúkọ àwọn ẹlẹ́rìí pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ̀rí wọn wọ́gi lé. Fún àtẹ wa àkọ́kọ́, báyìí ni mo fẹ́ kí ó rí: "II-1 àti II-2 kò ní àìsàn náà, ṣùgbọ́n III-1 ọmọ wọn ní in, nítorí náà afarapamọ́ ni. Bí ó bá wà lórí kúrómósómù àjọní, II-1 àti II-5 tí wọ́n ti ìdílé mìíràn wá gbọ́dọ̀ ru jíìnì náà, èyí kò sì dájú rárá nítorí pé àìsàn náà ṣọ̀wọ́n. Bí ó bá wà lórí X, II-2 àti II-4 gbà á lọ́wọ́ I-1, wọ́n sì fún àwọn ọmọkùnrin wọn. Nítorí náà, X afarapamọ́ ni ó ṣeé ṣe jù lọ."